Ọjọ́ Orí Bàbá Sùlàímọ́nù Lórí Okùn Ìtàn

Nímọ́tà kò fìgbà kan lérò pé òun yóò di olùkọ́. Aṣọ ló ń rán l'Ábíjàn, aṣọ náà ló sì ń rán nígbà tó kó dé sí Èjìgbò. Ṣùgbọ́n nígbà tó mú Qàwíyyàt, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n fi í sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké, torí pé Faransé ló gbọ́, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ojoojúmọ́ lọmọ ń sunkún bọ̀ wálé. Nímọ́tà bá pe ọkọ rẹ̀, Ṣàkírù, tó ṣì wà l'Ábíjàn, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ó máa kọ́ ọmọ náà nílé títí Gẹ̀ẹ́sì yóò fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìṣirò kò yọ Nímọ́tà lẹ́nu láti kọ́ni. Ìtàn ló fẹ́ mu ún lómi. Ó to orúkọ àwọn ọba àtijọ́ sílẹ̀, ó ní kí ọmọ kọ́ wọn sórí. Qàwíyyàt gbórí lé tábìlì ìdáná, ó ń wo àlùbọ́sà.

"Màmá, ta ló rí wọn?"

Nímọ́tà padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ro ọ̀rọ̀ náà títí tó fi rán kọ́là mọ́ apá aṣọ oníbàárà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yí ètò padà: láti orí ẹni tí ọmọ mọ̀ ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ẹbí ni ti táámù kìíní, ti Èjìgbò ni ìkejì, ti orílẹ̀-èdè àti òkèèrè ni ìkẹta. Ó ta okùn láti fèrèsé dé ibi àwo, ó kọ ọdún sórí páálí, ó sì fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ kọ́ wọn tẹ̀lé ara wọn. Páálí méjì ló wà fún 1960: òmìnira Côte d'Ivoire ní oṣù kẹjọ, ti Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá. Ó wá kọ́ ọmọ ní ìbéèrè tí yóò máa bi ẹlẹ́rìí: ṣé ẹ wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà náà, ta ló tún mọ̀ nípa rẹ̀?

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni Bàbá Sùlàímọ́nù, ẹ̀gbọ́n bàbá Nímọ́tà. Wọ́n wọ agbádá wá sí ilé ìdáná. Kùdírátù, ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, bá wọn wá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá Nímọ́tà ṣa ẹ̀wà.

"Ọjọ́ tí Abíjàn gba òmìnira," ni Bàbá wí, "èmi ni mo gun kẹ̀kẹ́ la àárín èrò kọjá. Mo fi ọwọ́ kan di àsíá mú. Àwọn obìnrin ń yẹ́ mi sí."

Qàwíyyàt kọ ọ́ sílẹ̀. "Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni yín báyìí?"

Bàbá fi ojú wá Kùdírátù. "Márùndínláàádọ́rin."

Ọmọ náà yọ 65 kúrò nínú 2025. Ó tún un yọ. Ó wá lọ síbi okùn, ó fọwọ́ tọ́ páálí.

"1960 ni wọ́n bí yín. Ọmọ ọwọ́ ni yín nígbà náà. Báwo lẹ ṣe gun kẹ̀kẹ́?"

Nímọ́tà tẹ orí ba lórí ẹ̀wà kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

"Ìṣirò Faransé nìyẹn," ni Bàbá sọ.

"Ta ló tún mọ̀ nípa rẹ̀?" Qàwíyyàt ò dẹwọ́.

Kùdírátù da ẹ̀wà sínú igbá. "Èmi mọ díẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ mú mi lọ kí àbúrò yín ní ìlú Masifa kí ẹ tó fẹ́ mi, àbúrò yín náà ní àwọn ti pé àádọ́rin ọdún."

Bàbá ṣí fìlà, wọ́n tún un dé.

"O ti mọ̀ látìgbà náà?"

"Mo mọ̀, mo sì fẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ohun tó jẹ́ òótọ́."

Bàbá wò ó, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu wọn. "Kọ 1948," ni wọ́n wí.

Àfi bí ẹni pé ẹrù wúwo sọ̀ kalẹ̀ lórí wọn, ìtàn wá ń jáde. Ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wọn ló gun kẹ̀kẹ́. Ní ti Bàbá, inú ṣọ́ọ̀bù ni àwọn ará ilé tì wọ́n mọ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ọjà. Ariwo nìkan ni wọ́n gbọ́. Wọ́n gun orí àpótí láti yọjú, àpótí fọ́, ìbọ̀sẹ̀ títà sì fọ́n ká ilẹ̀. Ẹkún ni wọ́n fi pàdé òmìnira.

Qàwíyyàt bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè láìwo ìwé: ṣé ilẹ̀kùn náà ní ihò, orin wo ni wọ́n gbọ́, ṣé wọ́n na Bàbá? Ó wá kọ ọ́ sórí páálí tuntun: *Bàbá gbọ́, wọn kò rí.* Nímọ́tà kà á, ó rí i pé ọmọ náà ti mọ ohun tí òun fẹ́ fi odindi táámù kọ́ ọ.

Ní ìjókòó tó tẹ̀ lé e, Bàbá ti dé kí ìyá àti ọmọ tó mu ògì tán. Wọ́n mú ọ̀rẹ́ wọn, Dúrójaiyé, dání, tó ní irọ́ ni ọ̀rọ̀ àpótí yẹn, pé òun náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn méjèèjì ń jiyàn lórí ìbọ̀sẹ̀. Qàwíyyàt gbé àga fún wọn, ó pọ́n lẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nímọ́tà fi ilé ìdáná sílẹ̀ fún wọn, ó gbé sítóòfù jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó lọ ń dín dòdò níbẹ̀.