Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Mi Fi Ojú Sọ

Ojú nìkan ló kù fún bàbá mi lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Ẹnu kò ṣí mọ́, ọwọ́ kò gbé mọ́. Àbúrò mi ọkùnrin kọ a, b, d sórí páálí kan láìfi àmì sí i. Èmi á máa fi ìka tọ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá dé èyí tí bàbá fẹ́, wọ́n á di ojú pinpin. Àbúrò mi á tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, fún ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn fọ̀rọ̀ wérọ̀, kó lè bá wa parí ọ̀rọ̀ náà.

Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Bàbá di ojú sí "o", wọ́n di ojú sí "m", ẹ̀rọ ní "omi". A fi omi pa wọ́n létè, ojú wọn sì rọ̀. Àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó láàárín wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, dókítà pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú orí bàbá ń pọ̀ sí i. Ó ní wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n kí a má fi ọkàn sí i jù; tàbí kí a gbé wọn lọ sílé wọn ní Olúyọ̀lé, kí wọ́n fi wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ lórí ibùsùn ara wọn. Ó fẹ́ gbọ́ èsì kó tó kúrò níbi iṣẹ́. Ta ni í dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀? A ní kí bàbá fúnra wọn sọ ọ́.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Òógùn bò wọ́n. Bí wọ́n ṣe di ojú sí lẹ́tà ìkẹyìn, wọn ò tètè là á. Ẹ̀rọ náà dáhùn kíá, ó ní: "Mo fẹ́ lọ sílé."

Àbúrò mi bú sẹ́kún, ó sì ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn.

Iṣẹ́ mi ní Bódìjà ni kí n máa dán irú ẹ̀rọ yẹn wò, kí n máa tún Yorùbá rẹ̀ ṣe. Mo gba fóònù. Ohun tí àbúrò mi tẹ̀ nìyí, ní àpapọ̀: miofelosile. Mo bi ẹ̀rọ pé lẹ́tà mélòó ni. Ó ní mẹ́wàá. Mo fi ìka kà á, mọ́kànlá ni.

Mo pe bàbá, mo tún pè wọ́n. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n di ojú lẹ́ẹ̀kan péré. Ojú wọn là, ṣùgbọ́n kò rí mi mọ́.

"Mi ò fẹ́ lọ sílé ni wọ́n sọ," mo sọ fún àbúrò mi.

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ ò mọ lẹ́tà kà ni?"

"Kò rí lẹ́tà. Ègé ègé ni wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ fún un, nọ́ńbà ni wọ́n sì ń fi dípò ègé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ra ẹ̀kọ tí wọ́n ti pọ́n, ṣé ó lè ka hóró àgbàdo tó wà nínú rẹ̀? Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sọ ègé tó ṣeé ṣe jù kó tẹ̀ lé èyí tó wà nílẹ̀. Aláìsàn tó fẹ́ lọ sílé ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Yorùbá wa ló tilẹ̀ ń jìyà jù. Ọ̀rọ̀ tó bá ní àmì lórí, wọ́n á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, òun náà á wá máa to àfọ́kù pọ̀ di sípẹ́lì tí ẹnikẹ́ni ò kọ rí."

"Lẹ́tà kan ṣoṣo, Àǹtí."

"Lẹ́tà kan ṣoṣo náà ni bàbá rẹ fi ń jà."

Èmi ni àkọ́bí. Èmi ni mo buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ abẹ. Wọ́n gbé bàbá wọlé, wọn ò sì jáde láàyè.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo ń retí kí àbúrò mi dá mi lẹ́bi, kí ó sọ pé ìbá sàn kí wọ́n kú sórí ibùsùn wọn. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Mo rí 'i' yẹn nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ ní wọ́n fẹ́ lọ sílé, mo dúpẹ́ ni. Ó ti rẹ̀ mí."

Inú bí mi. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún un. Ṣùgbọ́n kí n tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án yẹn, nígbà tí mo ka "Mo fẹ́ lọ sílé", ara tu èmi náà.