Èlé Tí Bàbá Mi Sá Fún

Bàbá mi kì í gba èlé. Ó ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Koumassi kí wọ́n tó bí mi, kò sì sí awakọ̀ takisí wôrô-wôrô àdúgbò tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí owó rẹ̀ sùn sí báńkì kó bímọ fún un. Haráàmù ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Nígbà tí mo ríṣẹ́ ní Plateau, àdúgbò àwọn báńkì ìlú wa, sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn èèyàn ra ìpín ilé-iṣẹ́, tó sì ń bá wọn tà á, ó bi mí bóyá èlé ni ìpín jẹ́. Mo ní rárá o, pé ẹni tó ra ìpín ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà: bó bá jèrè, wọ́n á pín fún un, bó bá pàdánù, á jẹ nínú rẹ̀. Ó lọ bi alfa rẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní alfa gbà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ ìpín báńkì. A ra ti ilé-iṣẹ́ epo pupa kan.

Owó hájì ni owó náà. Ìyá tó bí bàbá mi wà ní Ìgbòho, bàbá mi sì ti ṣèlérí fún un látìgbà tó ti kúrò nílé pé àwọn méjèèjì ni yóò jọ lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tí ìyá àgbà gbọ́ pé owó ti ń pé bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, á fi ọ̀pá tẹlẹ̀, á yí ilé po lẹ́ẹ̀meje, bí wọ́n ṣe ń yí Káábà po. Àbúrò bàbá mi ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ewúrẹ́ méjì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ẹni pé àwọn náà ti san owó hájì tiwọn. A rẹ́rìn-ín títí.

Ìpín náà ń gòkè lójoojúmọ́. Kì í ṣe pé ọ̀pẹ so ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Báńkì àgbà, tó jẹ́ olórí gbogbo báńkì ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ná sẹ́fà wa yìí, fẹ́ ṣèpàdé ní Dakar, ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo èèyàn sì kò ju pé wọ́n máa dín èlé kù, ìyẹn èyí tí wọ́n ń gbà lórí owó tí wọ́n ń yá àwọn báńkì yòókù. Bí èyí bá wálẹ̀, ó yẹ kí àwọn báńkì náà lè yáni lówó lówó pọ́ọ́kú. Ilé-iṣẹ́ epo wa ti yá owó ńlá láti kọ́ ilé ìfúnpo tuntun. Bí èlé orí gbèsè rẹ̀ bá dín kù, èrè rẹ̀ á pọ̀ sí i. Àwọn olówó tó sì ń yá ìjọba lówó á rí i pé èrè ibẹ̀ ti tín-ín-rín, wọ́n á wá ra ìpín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rà á kí ìpàdé tó dé.

Àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò hájì fẹ́ gba owó wọn pé ní ìparí oṣù. Mo lọ bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká tà á báyìí.”

“Ṣé ìpàdé wọn ti kọjá ni?”

“Rárá. La semaine prochaine ni, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Ta ní í sáré ta àgbò nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan?” Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún gíríìsì. “Á ṣì wọ́n sí i.”

“Iye tí ẹ ń rí yẹn, ìrètí èèyàn ti wà nínú rẹ̀. Bí wọn ò bá dín in kù ńkọ́?”

“Bí wọn ò bá dín in kù, á wà bó ṣe wà. Wọn ò kúkú ní fi kún un.”

Inú bí mi. Ọkùnrin tó lè fi imú lásán mọ bíréèkì ayédèrú! Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ni, n kò sì lè tà á láìjẹ́ pé ó pàṣẹ. Mo bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n ṣèpàdé. Wọn ò fi kún èlé náà, wọn ò yọ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀wọ́n ọjà kò tíì rọlẹ̀ tó, pé àwọn ṣì ń wò ó. Ó tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ẹni tó fi ìrètí rà á jọ forí lé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo láti tà á. Ọjà ìpín tiwa kò tóbi. Bí àwọn olówó ńlá bá káwọ́ gbera, kò sí ẹni tí yóò rà. Òfin ọjà náà sì wà pé ìpín kan kò gbọdọ̀ já wálẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ lóòjọ́. Kò pẹ́ tí tiwa fi dé ìwọ̀n náà. Gbogbo wa wá tò sórí ìlà, à ń tà, kò sẹ́ni tó ń rà.

Bàbá mi dé sí Plateau nínú jalabíà funfun rẹ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà mi fún ìgbà díẹ̀.

“Sọ fún wọn pé mo ti dín owó rẹ̀ kù.”

“Bàbá, a ti dín in kù dé ibi tí wọ́n gbà lónìí. C'est bloqué, wọ́n ti tì í.”

“Èmi ni mo ni ọjà mi. Ta ló máa ní kí n má dín owó rẹ̀ kù?”

“Òfin ni.”

“Ní Koumassi, bí ọjà ò bá tà, mo máa ń dín in títí ẹnì kan á fi rà á ni.”

“Ibí kì í ṣe Koumassi, Bàbá.”

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ọmọ mi, mi ò gba èlé rí. Mi ò san án rí. Báwo ló ṣe wá wọ inú epo pupa mi?”

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni, ojoojúmọ́ ni mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo dìde lọ gbé omi tí kò bèèrè wá.

Lọ́jọ́ kejì, ìpín náà tún já wálẹ̀, àwa ṣì wà lórí ìlà. Ọ̀gá mi dábàá pé kí bàbá mi lọ yá owó ní báńkì, n kò jẹ́ kó parí gbólóhùn náà. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi ará Ṣakí tó yẹ kí wọ́n yá a lówó láìsí èlé, ìpín yìí kan náà ni wọ́n rà, nítorí pé wọ́n rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń rà máa fi yọjú, iye rẹ̀ kò lè gbé ènìyàn méjì dé Mẹ́kà mọ́, ìparí oṣù sì ti kọjá. Bàbá mi ní kí n yọ ọ́ kúrò lórí ìlà. Ó pe Ìgbòho, ó ní ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn.

Ìyá àgbà ní kò burú, pé òun á máa bá ìrìn òun lọ.

Kí ọdún ọ̀hún tó yípo, báńkì àgbà dín èlé náà kù lóòótọ́. Nígbà tí ọjà ṣí, àwọn tó ń rà ló tò sórí ìlà. Mo pe bàbá mi, ó ní kí n tà á. Ó tà kí n tó mu kọfí mi tán. Owó ènìyàn méjì pé, ó sì lé díẹ̀.

Mo kọjá sí Koumassi nírọ̀lẹ́ láti sọ fún un pé owó ti pé. Mo bá a lórí fóònù pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó sì na fóònù náà sí mi. Ìyá àgbà wà nínú fídíò, ó wé gèlè funfun. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí kò yí ilé po mọ́. Ogbó ti da iyè rẹ̀ rú: ó ní kí lòun tún ń kọ́ ẹsẹ̀ sí, ṣebí òun ti lọ, òun ti bọ̀, ọmọ òun ló mú òun lọ. Gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Àlàájà, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè wo ojú rẹ̀ kó sọ pé kò lọ.

“Ṣé èso dàbínù tí mo fi rán bàbá rẹ sí ọ láti Mẹ́kà dé ọwọ́ rẹ?” ó bi mí.

Bàbá mi ń to bíréèkì sórí pẹpẹ. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Mo ní, “Ó dé, Ìyá. Ó dùn.”