Ìjábọ̀ Lórí Obìnrin Tó Ń Wẹ Òkú

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí ìwé eré burúkú ní Ìbàdàn, ẹ má lọ jìnnà, ẹ wá Mùtíátù lọ ní Bódìjà. Iṣẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ fíìmù Ọ̀gá Gbádérọ̀ ni pé kó ka ìwé eré táwọn èèyàn bá fi ránṣẹ́, kó sì jábọ̀. Á kọ́kọ́ fi gbólóhùn kan gbé kókó ìtàn jáde. Á wá ké ìtàn náà kúrú látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì gbọ́dọ̀ fi òpin pamọ́. Á sọ èrò rẹ̀ nípa àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, àti ìnáwó tí yíyà rẹ̀ máa gbà. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti máa dájọ́: gbà á, rò ó wò, tàbí dá a padà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kì í ka ìwé eré. Ìjábọ̀ ni tiẹ̀, ojú ewé kan péré sì ni.

Àtọjọ́ tó ti débẹ̀, "dá a padà" ṣáá ló ń kọ. Ìyá ọkọ tó ń da májèlé sọ́bẹ̀, olówó tó ya wèrè, áńgẹ́lì tó já wọlé lójú ewé tó kẹ́yìn wá tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Ó ti sú u pátápátá.

Àfi ọjọ́ tí ìwé Zùwáírátù dé. Tíṣà aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ni Zùwáírátù, ní Baṣọ̀run. Ìtàn rẹ̀ dá lórí obìnrin kan tó máa ń wẹ òkú àwọn obìnrin àdúgbò. Wọ́n wá pè é lọ wẹ òkú orogún rẹ̀, ẹni tó lé e kúrò nílé ọkọ. Tayọ̀tayọ̀ ló fi lọ. Ìgbà tó yí òkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè bomi sí i lẹ́yìn, ó rí àpá pàṣán, irú èyí tó wà lẹ́yìn òun náà gẹ́lẹ́. Ó bomi.

Háà! Mùtíátù sunkún lórí àga. Ó ní lágbára Ọlọ́run, wọ́n á ya eléyìí. Ojú ewé kan ò wá tó o mọ́. Ó kọ ọ́ dé mẹ́fà, ìran kan tẹ̀lé òmíràn, kò yọ nǹkan kan sílẹ̀, ó tún fi tirẹ̀ kún un: "Ó wẹ̀ ẹ́ bí ìyá ṣe ń wẹ ọmọ." Ó kọ gbà á, ó fàlà sí i nídìí.

Ọ̀gá ò tiẹ̀ jókòó kó tó kà á tán. "Mùtíátù, ó dà bíi pé mo ti wo fíìmù ọ̀hún! Ta ló kọ ọ́?"

"Tíṣà kan ni, sà. Kò kọ ìwé eré rí. Kò mẹnì kankan nídìí iṣẹ́ yìí, sà."

Ó rò pé òun ń yìn ín ni o!

Kò pẹ́ kò jìnnà, Bọ̀ọ̀dá Sódìq, òǹkọ̀wé ilé iṣẹ́, gbé ìwé eré tuntun kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọ̀gá ní kó jábọ̀ lé e. Mùtíátù ṣí i. Obìnrin tó ń wẹ òkú ni. Àpá pàṣán ti di àpá áyọ́ọ̀nù. Nígbà tó dé ibi omi, ó bá a níbẹ̀: "Ó wẹ̀ ẹ́ bí ìyá ṣe ń wẹ ọmọ." Ó gbé e tọ Ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, ìtàn tíṣà yẹn mà nìyí!"

"Tíṣà wo?" Ọ̀gá ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Mi ò ka ìwé ẹnikẹ́ni, Sódìq náà ò kà á. Ìjábọ̀ la kà, ìwọ lo sì kọ ọ́, ọmọ iṣẹ́ mi. Ìtàn wa ni. Lọ fèsì fún obìnrin yẹn, sọ fún un pé kò bá ohun tá à ń wá mu."

Ká ní ojú ewé kan péré ló kọ, wọn ì bá béèrè ìwé obìnrin náà. Òun ló gbé e sí wọn lọ́wọ́ tán, tó tún bá wọn bó èèpo rẹ̀.

Ó fèsì o. Ẹ ní kí ló dé? Ẹ wáṣẹ́ nílùú yìí kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ fẹ́ bú u, ẹ bú u, òun náà ti bú ara rẹ̀ tó. Ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ní kó kọ ọ́, ó sì fi ránṣẹ́.

Èsì Zùwáírátù dé kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

"Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dùn mí, àmọ́ inú mi dùn pé ẹnì kan tiẹ̀ kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, ẹ sọ ibi tí mo ti ṣàṣìṣe fún mi, kí n lè tún un ṣe."

Mùtíátù ṣí ìwé náà padà. Ó kà á látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń wá àṣìṣe kan ṣoṣo tó lè sọ fún un. Kò rí.