“Ẹ̀yin” Lójú Àlejò, “Ìwọ” Nílé

Ẹgbẹ́ ni èmi àti obìnrin kan tó ń se epo àgbọn tà. Olùkọ́ èdè Faransé ni mí ní Àgbádárìgì kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbàkígbà tí àwọn tó ń ra epo bá ti Kútọnu wá, èmi ló ń pè pé kí n wá túmọ̀. Nígbà tó pẹ́, àwa méjèèjì di ọ̀rẹ́. Nílé mi, “ìwọ” là ń pe ara wa. Á wọ ilé ìdáná mi, á ṣí ìkòkò.

“Tíṣà, ọbẹ̀ rẹ tún ti gbẹ. Ìwé nìkan lo mọ̀.”

Inú ọkọ̀ ojú omi la wà, à ń ti erékùṣù Gberefu bọ̀, nígbà tó dá a lábàá pé lójú àlejò, “ẹ̀yin” ni ká máa fún ara wa. Ó ní bí òun bá ń pè mí ní “ìwọ” níbẹ̀, wọ́n á rò pé ọmọ iṣẹ́ òun ni mí, wọn ò ní ka ìtumọ̀ mi sí. Mo gbà.

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin oníbàárà ńlá kan wá sílé rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ àti àna rẹ̀ jókòó yí wa ká. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.” Ó kàn nawọ́ sí ìjókòó. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà, mo wá bi í pé, “Ṣé kí n sọ bí ẹ ṣe ń sè é?”

“Ohun tí mo bá ní kí o sọ ni kí o sọ. Dìde ná, lọ bu omi fún àlejò.”

Àbúrò rẹ̀ obìnrin fi ìborùn bo ẹ̀rín. Ọkùnrin náà gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Láti ìgbà yẹn, Faransé tí wọ́n fi ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ sọ̀rọ̀ ló ń bá mi sọ.

Mo sì dìde, mo bu omi náà. Ìyẹn lojú ṣì ń tì mí sí.

Àwọn kan ń gbèjà rẹ̀, wọ́n ní Ègùn ni, Yorùbá kọ́ lèdè rẹ̀. Irọ́ ni. Ẹni tó ń fún awakọ̀ ojú omi ní “ẹ”, tó tún ń fún ọmọ àna rẹ̀, mọ ohun tó ń ṣe.

Lọ́sẹ̀ kejì ó wá sílé mi. “Tíṣà, o ti bínú? Àna mi wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí mo jẹ́.”

“Ẹ jókòó, mà. Kí ni kí n fún yín?”

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Èmi lò ń fún ní ‘ẹ’ nínú ilé yìí?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

Kò jókòó.

Ó ṣì ń pè mí wá túmọ̀. Lójú àlejò, “ẹ̀yin” ló ń fún mi báyìí, kì í ṣì í. Èmi náà ń dá a padà, níbẹ̀ àti nílé. Ọbẹ̀ mi ṣì ń gbẹ, kò sẹ́ni tó ń ṣí ìkòkò rẹ̀ wò.