Igbá Iṣẹ́ Ṣakí

Nígbà tí mo ń ránṣọ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, bí òwú bá ti tán, mo ti wọkọ̀ lọ sí Ṣakí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, màá tún lọ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọkọ mi tó wà ní ìdálẹ̀. Bí mo bá padà dé, mi ò ní rántí ibi tí mo ti dáṣẹ́ dúró.

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́wàá nígbà tí bàbá àgbẹ̀ kan wọ bùbá rẹ̀ wò. Mo ti rán apá bùbá náà kan ní òdì, inú rẹ̀ ló wà níta.

Ó ní, “Ìyàwó, ṣé àwọn apá mi ń bára wọn jà ni?”

Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí, ó wá gbé igbá kan kọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi. “Gbogbo iṣẹ́ Ṣakí, lẹ́tà tàbí òwú tó tán, inú igbá yìí ni kó o máa kó o sí. Ọjọ́ ọjà nìkan ni kó o kó o lọ.”

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lọ: mo fi lẹ́tà ránṣẹ́, mo ra òwú, mo ra bọ́tìnì. Láwọn ọjọ́ yòókù, mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo rán gbogbo aṣọ olówùú funfun tán kí n tó fa òwú dúdú sí ẹ̀rọ.

Láàárọ̀ Iléyá, bàbá náà wọ bùbá tí mo ti tún rán, ó ń lọ sí yídì, ó na apá méjèèjì sókè.

“Ìyàwó, wọ́n ti parí ìjà o!”