Rísíìtì Tó Ń Pe Èèyàn Sínú Kòtò

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Akọ̀wé ti ń jókòó sẹ́yìn fèrèsé ọ́fíìsì ilé-ìwé girama kan, tó ń tẹ̀wé. Èsì ìdánwò, lẹ́tà sí òbí, ìwé ìpàdé olùkọ́, abẹ́ ìka rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Kì í wo ìka bó bá ń tẹ̀wé. Òbí tó bínú lè dúró sójú fèrèsé kó máa rojọ́, Akọ̀wé á máa dá a lóhùn, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ bí ẹni pé kì í ṣe ara kan náà ló ni wọ́n. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Àti ọ̀gá, àti ọmọ iléèwé, Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é.

Kì í ṣe ojúkòkòrò ló gbé e dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ páálí tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ló dín ọjọ́ iṣẹ́ kù sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, oṣù yẹn gan-an ni àkọ́bí wọn sì wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọkọ rẹ̀ ní kí àwọn ní sùúrù, ọ̀nà á là. Akọ̀wé ní òun kò tíì rí ọ̀nà tó dìde fúnra rẹ̀ tó gé igbó ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti jẹun ọ̀sán tán, á gbé fóònù síwájú, á máa wá iṣẹ́ títẹ̀wé tí èèyàn lè ṣe láti ilé.

Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ gbà á lọ́jọ́ kan náà, àmọ́ tó ní kó kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù àti owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó pa àtẹ̀jíṣẹ́ wọn rẹ́. Òmíràn dé lórúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí gbogbo èèyàn mọ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan, kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, kò rí ojú ẹnikẹ́ni, owó oṣù tí wọ́n dá lé e sì tó ti ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Akọ̀wé kò pe nọ́ńbà tí wọ́n fún un. Ó wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí ní gbangba, ó sì pè é. Obìnrin tó gbé e mí kanlẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní kò sí iṣẹ́ kankan nílẹ̀, àti pé Akọ̀wé ni ẹni kẹtàdínlógún tó bi òun ní ìbéèrè yẹn lọ́sẹ̀ náà.

Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á rò pé ojú obìnrin yìí ti là, kò sẹ́ni tó lè mú un mọ́. Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló sì jẹ́ kí ẹlẹ́ẹ̀kẹta rí i mú díẹ̀, torí pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Àǹtí Atọ́nà ló kọ̀wé sí i. Ó ní iṣẹ́ náà kò ju kéèyàn máa fi ìràwọ̀, ìyẹn àmì pé ibẹ̀ dára, sí àwòrán ilé ìtura lórí ìkànnì kan, ogún lójoojúmọ́. Akọ̀wé ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, owó wọ àkáǹtì rẹ̀, owó gidi, kò pọ̀, àmọ́ ó tó ra ìwé kan fún ọmọ. Inú rẹ̀ dùn. Àǹtí Atọ́nà ní kó gbé àwòrán rísíìtì náà sínú gúrúùpù àwọn òṣìṣẹ́ wọn lórí fóònù kí àwọn ẹni tuntun lè ní ìgboyà. Akọ̀wé gbé e síbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Mo dúpẹ́, ọwọ́ mi ti tẹ tèmi." Ó tún gbé e sí ojú fóònù tirẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ti ń rí ohun tó bá kọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ní kó fi owó díẹ̀ sílẹ̀ kó lè bọ́ sí ìpele tó ń pawó jù. Ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti ta gìrì. Ọ̀gá tó ń gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó ṣiṣẹ́, kí ni à ń pe ìyẹn? Ó jáde kúrò nínú gúrúùpù, ó sì gbà pé ó parí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Nọ́ọ̀sì ilé-ìwé wọlé, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì fi ọjọ́ orí ju Akọ̀wé lọ dáadáa, ọdún kan péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi owó orí ránṣẹ́ lórí ìkànnì iṣẹ́ ìràwọ̀ náà, kí Akọ̀wé tó jẹ́ àbúrò òun bá òun ṣe é, torí aago méjì ni gbèdéke.

Ọwọ́ Akọ̀wé dúró lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó bi í pé owó orí kí ni.

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé. Ó ti fi owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìpele dé ìpele. Owó rẹ̀ ti di ńlá níbẹ̀, ó fi hàn án lójú fóònù, òǹkà gbọọrọ. Ohun tó kù ni kó san owó orí, kí wọ́n lè jẹ́ kó gbà á jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, òǹkà lásán lẹ ń wò yẹn. Ẹnikẹ́ni lè kọ iyekíye síbẹ̀. Ta ló mú yín débẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì wò ó bí ẹni pé ó ń ṣe àwàdà. "Ìwọ ni. Ṣebí rísíìtì rẹ ni mo rí."

Ó ṣí gúrúùpù náà. Rísíìtì Akọ̀wé wà lókè pátápátá, fọ́tò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó yà lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn ọmọ iléèwé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Wọ́n kọ ọ́ níbẹ̀ pé owó iṣẹ́ náà ni òun fi bẹ̀rẹ̀ ilé, pé kí àwọn ìyá ẹlẹgbẹ́ òun má sùn. Àwọn tó ń dáhùn lábẹ́ rẹ̀ ń kígbe ọpẹ́, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ bákan náà bí ọmọ ìyá kan. Akọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹja kì í fẹ́ràn ìwọ̀, ekòló ẹnu ìwọ̀ ló ń pa á. Òun gan-an sì ni ekòló.

Ó gbìyànjú. Ó ní kí Nọ́ọ̀sì sọ fún wọn kí wọ́n yọ owó orí ọ̀hún nínú owó ńlá tó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n fi ìyókù ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́. Wọ́n dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé ètò kò gbà bẹ́ẹ̀, owó tuntun ni wọ́n ń fẹ́. Akọ̀wé ní ṣé ẹ̀gbọ́n rí i? Ó wo ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ìkànnì náà sílẹ̀, kò tíì pé oṣù méjì, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún nìyí tí àwọn ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe gbogbo ilé tuntun ni ilé olè. Akọ̀wé ní àkáǹtì tí wọ́n ní kó sanwó sí lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ńkọ́? Orúkọ èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kò sí ti ilé-iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní àwọn akápò wọn nìyẹn.

Bí èèyàn ṣe ń fi omi sínú apẹ̀rẹ̀ ló rí. Inú bí Akọ̀wé débi pé ó ṣe é bíi kó já fóònù náà gbà. Ohùn rẹ̀ sì lọ sókè ju bó ṣe yẹ kó sọ̀rọ̀ sí àgbà lọ.

Nọ́ọ̀sì dìde. "O gba tìrẹ, ó wọ àkáǹtì rẹ, o ra ìwé fún ọmọ. Ó wá kan tèmi, ó di ti olè."

Ó jáde. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjì lù, ó ti rí ẹlòmíràn bá a fi owó orí ránṣẹ́. Nígbà tó fi di méjì àbọ̀, wọ́n ní ó ku owó ìjẹ́rìísí.

Ó padà wá. Kò jókòó, kò sì sọ pé òun jẹ̀bi. Ó kàn na fóònù síwájú. Akọ̀wé ti ọ́fíìsì pa, wọ́n rìn dé báǹkì. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó dá wọn lóhùn jẹ́ ọmọbìnrin tó ti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí títí tó ti sú u. Ó ní owó mẹ́ta àkọ́kọ́ ti gba àkáǹtì bíi mẹ́rin kọjá, kò sí ìlérí kankan lórí wọn. Èyí tó lọ lónìí ni òun lè gbìyànjú àtidá dúró, torí pé wọ́n tètè dé. Ó ní kí wọ́n má pa ohun tí àwọn èèyàn náà kọ rẹ́, ẹ̀rí ni, kí wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, kí wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Akọ̀wé ló tẹ ìwé náà, ojú ìwé mẹ́sàn-án. Níbi tí ó ti kan rísíìtì tirẹ̀, ìka rẹ̀ tí kì í ṣìnà, ó ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Oṣù kan àbọ̀ kọjá kí owó orí yẹn tó padà. Ìyókù kò padà títí di òní.

Nínú oṣù yẹn, Nọ́ọ̀sì kì í jẹun lọ́dọ̀ Akọ̀wé mọ́. Ó sọ fún àwọn olùkọ́ pé ẹni tó gba tirẹ̀ ló mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Akọ̀wé fi ẹjọ́ gúrúùpù náà sun ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù tó wà, wọ́n tì í pa, òmíràn yọjú lọ́jọ́ kejì tòun ti fọ́tò rẹ̀. Ó tún fẹ̀sùn kàn án. Ó pa rísíìtì rẹ́ lójú fóònù rẹ̀, ó kọ òtítọ́ síbẹ̀, àmọ́ ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Ó pe àwọn tó mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní kí ló dé tó fi ń ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún àwọn nígbà tó jẹ́ pé ó ti jẹun yó. Ó tẹ ìkìlọ̀ mọ́ pátákó iléèwé, ọ̀gá ní kó yọ ọ́, pé ó ń bu ilé-ìwé kù lójú àwọn òbí. Ó yọ ọ́. Ó fi í sínú lẹ́tà òbí tó lọ lọ́jọ́ Ẹtì, lábẹ́ ọ̀rọ̀ aṣọ iléèwé, kò sì sọ fún ọ̀gá.

Ọjọ́ kan ni Nọ́ọ̀sì dé ojú fèrèsé. Amòfin kan ló kọ̀wé sí i, ó ní òun ń bá àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì gba owó wọn padà, ó sì mọ iye tí Nọ́ọ̀sì pàdánù láìṣì kọ́bọ̀. Owó tí wọ́n fi ń ṣí fáìlì ló kù.

Akọ̀wé rọra bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló mọ iye yẹn, yàtọ̀ sí báǹkì àti ọlọ́pàá?"

"Àwọn tó kó o." Nọ́ọ̀sì pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. "Mo ti mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Kò dúpẹ́, kò sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì fa àga, ó jókòó, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ jáde, ó sì jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Akọ̀wé padà rí iṣẹ́. Lọ́yà kan tó ní ọ́fíìsì lókè ilé ìtàwé ló ń wá ẹni tí yóò máa tẹ ohun tó bá sọ sínú ẹ̀rọ. Owó rẹ̀ kéré, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wọlé. Kí Akọ̀wé tó gbà á, ó ní òun fẹ́ rí ọ́fíìsì, ó ka orúkọ ara ògiri, ó lọ wò ó bóyá orúkọ náà wà nínú ìwé àwọn amòfin, ó béèrè ọjọ́ ìsanwó, ó sì bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá òun máa san ohunkóhun. Lọ́yà náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè ní kóòtù, òun kò tíì rí ẹni tó bi òun ní ìbéèrè tó báyìí rí, ṣé ó fẹ́ iṣẹ́ ni àbí kò fẹ́.

Akọ̀wé ní òun fẹ́. Ó wá ní kí Lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò ní san kọ́bọ̀, kó sì fọwọ́ sí i.