Irùngbọ̀n Bàbá Toheebat

Ọdún tí ìjọba ti bọ́dà pa, tí ọ̀kadà ń wá epo bí ẹni wá owó tó sọnù, ni Ṣàíbù, Bàbá Toheebat, kú sí Igbógìlà. Àṣìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Ó sunkún tirẹ̀ nínú yàrá, nígbà tó ṣe ó gbé ọkọ́, ó gba oko ẹ̀gẹ́ lọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju ọ̀kan lọ: ojú ọkọ rẹ̀ ti ń ṣá lọ́kàn rẹ̀ bí aṣọ inú oòrùn. Bó bá dijú, á gbọ́ ohùn, á gbọ́ ikọ́, ojú kò ní wá.

Fótò kan péré ni Ṣàíbù fi sílẹ̀, páásípọ́ọ̀tù ìgbà èwe. Ojú dán bí ìkarahun ẹyin, irun kún orí, kò sí irùngbọ̀n, kò sí gíláàsì. Bẹ́ẹ̀, arúgbó onírùngbọ̀n funfun ni Àṣìkẹ́ sin, tí apárí ti gba iwájú orí rẹ̀. Sàláúdéènì, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń gbé Kétu ní òdìkejì bọ́dà lọ́hùn-ún, tí bọ́dà kò jẹ́ kó wá sìnkú, náà ń bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù pé, "Ìyá Toheebat, ẹ jẹ́ kí n rí ẹ̀gbọ́n mi bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀."

Ni Àṣìkẹ́ bá gbé páásípọ́ọ̀tù náà lọ bá Jibril, ayàfótò ní Aiyétòrò, tó ń fi kọ̀ǹpútà tún fótò ṣe. Ó ròyìn bí ọkọ rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ ogbó fún un tán, kó lè sọ ti inú fótò di bẹ́ẹ̀, ó wọkọ̀ padà.

Nígbà tó padà wá wò ó, Mẹ̀dínátù aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ti yọjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Háà, Màmá! Ṣé bí bàbá yìí ṣe rẹwà tó nìyí tí ẹ ń fi wọ́n pa mọ́ sí Igbógìlà?"

Àṣìkẹ́ wo ojú kọ̀ǹpútà títí. "Ó rẹwà lóòótọ́. Kì í ṣe ọkọ mi."

"Màmá, fótò tí ẹ mú wá náà ni," Jibril sọ.

Àṣìkẹ́ na àtẹ́lẹwọ́, ó fi bo fótò náà láti abẹ́ imú wálẹ̀. "Òun nìyí." Ó gbé ọwọ́ kúrò. "Ó ti lọ. Jibril, àgbọ̀n ta lo so mọ́ ọkọ mi?"

Jibril họrí, ó bú sẹ́rìn-ín. Inú fótò bàbá mìíràn ló ti gé irùngbọ̀n náà. Àgbọ̀n bàbá yẹn gùn, irùngbọ̀n kò bá ti Ṣàíbù mu, ló bá fa àgbọ̀n Ṣàíbù wálẹ̀ kó lè pàdé rẹ̀. Bí àwọn ọkọ ìyàwó ṣe máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe tiwọn nìyẹn, ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, Màmá. Irùngbọ̀n ló yẹ kó tẹ̀lé egungun. Egungun ni mo mú tẹ̀lé irùngbọ̀n."

"Ìgbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, èmi ni mò ń gé irùngbọ̀n fún un," Àṣìkẹ́ wí. "Ọwọ́ mi mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ kúrú, ó fẹ̀. Irun kò sì hù dáadáa lápá òsì."

Jibril pa iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ́, ó ṣí páásípọ́ọ̀tù náà bó ṣe wà. "Èyí, a ò ní fọwọ́ kàn án mọ́." Bí ẹni tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara sórí àwòrán ló ṣe nínú kọ̀ǹpútà, orí ọ̀rá yẹn ló ti ń ya irùngbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá etí, ó ń fa irun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí egungun ṣe yí, ó jẹ́ kó fọ́nká lápá òsì débi pé awọ ara hàn. Ó tẹ́ ọ̀rá mìíràn fún orí. Ó wo bí iwájú orí ṣe ń yí lọ, ó jẹ́ kí ìyí náà wọ abẹ́ irun lọ, kí orí má baà rí pẹlẹbẹ, kó tó fi àwọ̀ ara bo ibi tí irun ti lọ. Gíláàsì ló kẹ́yìn. Apá rẹ̀ kan etí méjèèjì, òjìji rẹ̀ sì bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́.

"Kì í gbé e sókè tó bẹ́ẹ̀," Àṣìkẹ́ wí. " Sún un wálẹ̀ lórí imú. Ṣe ló máa ń wo èèyàn láti òkè rẹ̀, bíi pé o parọ́ fún un."

Mẹ̀dínátù pa àtẹ́wọ́. "Wọ́n á ti dẹ́rù ba àwọn tó wá fẹ́ Toheebat ọmọ wọn!"

Gíláàsì nìkan ni Jibril sún, kò fọwọ́ kan ojú. Àṣìkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá, ẹ wò ó." Jibril pa àwọn ọ̀rá náà dé lọ́kọ̀ọ̀kan: gíláàsì lọ, irùngbọ̀n lọ, irun padà sórí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń fi iṣu sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bàbá Àṣìkẹ́ nígbà èwe wọn ló jókòó síbẹ̀. Jibril ṣí wọn padà, bàbá arúgbó dé. Àgbọ̀n kan náà ni.

Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Kétu. Kò pẹ́ tí ohùn Sàláúdéènì fi jáde látinú fóònù tẹkúntẹkún: "Ẹ̀gbọ́n mi! Ìyá Toheebat, kí ni mo tún ṣe tí wọ́n ń wò mí báyìí?"

Jibril béèrè bóyá kó tẹ̀ ẹ́ jáde báyìí kí ọkọ̀ má baà lọ.

"Ọkọ̀ á dúró," ni Àṣìkẹ́ wí. Ó fa àpótí sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó jókòó. Ó dijú díẹ̀, ó sì là á. Lẹ́yìn náà ló tún dijú, ó rẹ́rìn-ín, kò sì yára là á.